Ìrẹsì Tó Ti Kúrò Lórí Iná: Bí A Ṣe Ń Yọ Ìdáhùn Tí Kò Tọ̀nà Kúrò Nínú Ìbéèrè Ààbò Oúnjẹ

Ìbéèrè oníṣẹ̀lẹ̀ nípa ààbò oúnjẹ jẹ́ ìtàn kékeré kan tí ìdáhùn mẹ́rin tẹ̀ lé. Ìtàn náà máa ń dárúkọ oúnjẹ, aago, ẹni tó ń dáná àti ohun kan tó ń kán an lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò béèrè ohun tó yẹ kí alásè ṣe. Nínú àwọn ìdáhùn náà, ó ṣọ̀wọ́n kí èyí tó burú lójú gbogbo ènìyàn ju ẹyọ kan lọ. Àwọn yòókù tí kò tọ̀nà sábà máa ń jẹ́ ohun tí àwọn alásè ń ṣe lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn wí sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ń dáná fún ogún ọdún fi lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá yege. Àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì rí ohun tó burú nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yé ènìyàn jù nígbà tí ìtàn bá wáyé níbi tí a mọ̀. Tchaourou wà ní ẹkùn Borgou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú títì ńlá tó ti Kútọnù lọ sí Parakou. Ilẹ̀ iṣu ni, àwọn Nàgó, Bàrùbá àti Fúlàní sì jọ ń gbé ibẹ̀. Nínú ilé oúnjẹ ẹ̀bá títì tí wọ́n ń pè ní máàkí, iyán, ìrẹsì, àtàṣí tí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà sè pọ̀, adìyẹ díndín àti wàgàsì àwọn Fúlàní lè wà lórí tábìlì kan náà. Bí bọ́ọ̀sì kan bá dúró lọ́sàn-án, èrò á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì fẹ́ jẹun kí dẹ́rẹ́bà tó fọn fèrè. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè oníṣẹ̀lẹ̀ fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpinnu ti máa ń ṣòro.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ṣe ìdánwò yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi ọwọ́ bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, kí ó ka ìtàn nìkan, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ yìí kí èrò tó dé? Ohun mẹ́ta péré ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ti pẹ́ jù nínú ooru tí kò tó. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ti fara kan ohun tí kò yẹ kó kàn. Ó sì lè jẹ́ pé ara ẹni tó ń dáná kò dá. Nígbà tí ó bá ti mọ èyí tí ó jẹ́, kí ó wá ṣí ọwọ́, kí ó sì máa bi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bóyá ó lè mú ewu yẹn kúrò kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ìdáhùn tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti jáde, bí ó ti wù kí ó bọ́gbọ́n mu tó. Èrò tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà kò yí ohun tó ti wọ inú ìkòkò padà, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

A lè gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, alásè kan sọ ìkòkò ìrẹsì ńlá kan kalẹ̀ lórí iná. Ó dé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì lọ dojú kọ ọbẹ̀ àti iyán. Ní agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán, bọ́ọ̀sì kan dúró, ogójì èrò sì wọlé. Ìrẹsì náà ṣì ju ìdajì ìkòkò lọ. Alásè ki tẹmọ́mítà bọ àárín rẹ̀, ó sì rí 41°C. Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ìdáhùn A ní kí ó dá ìrẹsì náà padà sórí iná títí yóò fi gbóná kọjá 75°C, kí ó tó bù ú fún èrò. Ìdáhùn B ní kí ó tọ́ ọ wò, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá kan, kí ó máa bù ú. Ìdáhùn D ní kí ó má ṣe bù ú fún ẹnikẹ́ni, kí ó kó o dànù, kí ó gbé òmíràn kaná, kí ó sì fi iyán lọ àwọn èrò. Ìdáhùn E ní kí ó bu èyí tí èrò máa jẹ nísinsìnyí, kí ó sì yára kó ìyókù sínú kúlà oníyìnyín di ọjọ́ kejì.

Kí a tó kan ìdáhùn kankan, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kókó márùn-ún jáde ní ọdún 2001 fún gbogbo ẹni tó ń dáná. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe wá sísàlẹ̀ 60°C kí a tó jẹ ẹ́, kí oúnjẹ tútù má ṣe kọjá 5°C, kí oúnjẹ tí a ti sè má sì wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Àárín 5 sí 60 yẹn ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Ìrẹsì tó wà ní 41°C wà ní àárín rẹ̀ gan-an. Yàrá ìdáná kò sì lè ràn án lọ́wọ́, pàápàá ní oṣù Ẹrẹ́nà tí ooru ọ̀sán ní Borgou máa ń kọjá 35°C. Ìtura tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fún ìkòkò kéré gan-an.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì ni pé ìtàn náà kò sọ ìgbà tí ìrẹsì wá sísàlẹ̀ 60°C. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹlòmíràn á rò ó lọ́kàn pé ìkòkò ńlá ni, pé a dé e, pé bóyá ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé ìdánwò, òun ló fi kún un. Bí a kò bá mọ ìgbà tí oúnjẹ tutù, ìgbà ìkẹyìn tí a mọ̀ dájú pé ó gbóná ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Nínú ìtàn yìí, agogo mẹ́sàn-án ni. Láti ìgbà náà dé agogo kan ààbọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀.

Ìdáhùn B ló kọ́kọ́ jáde. Ahọ́n àti imú mọ oúnjẹ tó ti bàjẹ́, àmọ́ àwọn kòkòrò tó ń mú ènìyàn ṣàìsàn kì í sábà yí adùn tàbí òórùn padà. Ìrẹsì tó ti di ewu lè máa ta sánsán. Gbogbo ìdáhùn tó bá gbé ìdájọ́ lé ojú, imú tàbí ahọ́n lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ooru àti wákàtí ni a lè yọ kúrò láìfi àkókò ṣòfò. Ẹni tó tọ́ ọ wò pàápàá ti di ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́.

Ìdáhùn E tẹ̀ lé e. Ìlànà kan wà fún un tó wúlò nínú ọ̀pọ̀ ìbéèrè: ìdáhùn tó bá ní apá méjì ti ṣubú bí apá kan bá ṣubú. Kíkó oúnjẹ sínú yìnyín ní kíákíá jẹ́ ohun rere fún oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ìyẹn ló sì ń fa ojú mọ́ra nínú E. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ti bu ìrẹsì náà fún èrò. Kódà bí a bá yọ apá yẹn kúrò, òtútù kò lè pa ohun tó ti pọ̀ sí i nínú ìkòkò láti àárọ̀. Ó kàn máa tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la fún àwọn ẹlòmíràn ni.

Ó wá ku A àti D, ibẹ̀ sì ni ìdánwò gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ alásè máa ń dùn sí A, wọ́n sì ní ìdí. Wọ́n ti kọ́ wọn pé ooru ń pa kòkòrò, wọ́n sì ti kọ́ wọn pé oúnjẹ tí a fẹ́ gbé kaná lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ gbóná dé inú. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tó ba A jẹ́ ni ìwà kòkòrò kan tó ń bá ìrẹsì rìn, tí wọ́n ń pè ní bàsílọ́ọ̀sì sẹ́rẹ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń bá ìrẹsì dé ilé láti oko. Bí omi bá ń hó, èyí tó wà láàyè á kú, ṣùgbọ́n àwọn kan ti bo ara wọn sínú èèpo líle bí irúgbìn, híhó omi kì í sì í pa wọ́n. Bí ìrẹsì bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, irúgbìn náà á hù, á sì máa bí sí i. Bí ó ti ń bí sí i ló ń tu májèlé sínú oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà. Májèlé yìí kì í ṣe ohun alààyè, nítorí náà kò sí ohun tí iná fẹ́ pa níbẹ̀. Ooru omi híhó kò ba á jẹ́. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú sí irú àìsàn yìí dáadáa, ní ọdún 1971, nígbà tí àwọn tó jẹ ìrẹsì díndín ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n ti sè é, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú yàrá fún wákàtí púpọ̀, wọ́n sì tún dín in kí wọ́n tó bù ú. Dídín náà kò gbà wọ́n.

Nítorí náà A ti jáde. Ohun tí ó ń wo kò burú, ó kàn ń wo ewu tí kì í ṣe òun ló wà nílẹ̀. Ó ń pa kòkòrò nígbà tí kòkòrò ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni sítáfílókọ́kọ́ọ̀sì ń ṣe, ìyẹn kòkòrò tó ń gbé ní imú àti ara ènìyàn, tó sì ń ti ọwọ́ alásè wọ inú iyán tàbí ẹran tí a ti sè. Májèlé tirẹ̀ náà kì í gbọ́ ti iná. Ẹni tó bá rántí àwọn méjèèjì yìí ti mọ ìdí tí ìdáhùn tó bá ní ká kàn tún un gbé kaná fi máa ń kùnà bí wákàtí bá ti kọjá. D nìkan ló kù. Ó dun ni láti da ìrẹsì tó ju ìdajì ìkòkò ńlá lọ nù, pàápàá níbi tí àpò ìrẹsì ti wọ́n. Àmọ́ ìbéèrè kò bi alásè ní iye tó máa pàdánù.

Ẹni tó bá gbà pé gbogbo ìdáhùn tó ní "kó o dànù" ló tọ̀nà yóò tún ṣìnà, ìdí nìyí tó fi yẹ kí a yí ìtàn náà padà díẹ̀. Kí a sọ pé ìwé kan wà lára ògiri tí alásè ń kọ ooru ìkòkò sí, àti pé ní agogo méjìlá ó kọ 68°C. Ní agogo kan, ó tún ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, ó sì rí 52°C. Ìdáhùn mẹ́rin kan náà ni wọ́n tún kọ sílẹ̀, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Nísinsìnyí, ìgbà ìkẹyìn tí a mọ̀ dájú pé ó gbóná jẹ́ agogo méjìlá, ìrẹsì náà kò sì lè ti wà lábẹ́ 60°C ju wákàtí kan lọ. Wákàtí méjì kò tíì pé. Ìdáhùn A wá di èyí tó tọ̀nà: kí ó gbé e padà sórí iná ní kíákíá, kí ó gbóná dé inú, kí ó sì wà lókè 60°C títí wọn yóò fi bù ú tán. Ìdáhùn D ti di ìfowóṣòfò. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú A kò yí padà, ìtàn ìrẹsì ló yí padà. Ẹni tó ń há ìdáhùn sórí kò lè borí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láéláé, ẹni tó ń ka wákàtí sì máa borí rẹ̀.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àwọn nọ́ńbà náà, nítorí pé wọ́n máa ń da àwọn tó ń fi ìwé orílẹ̀-èdè méjì kẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ooru tí oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60°C nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé, 63°C ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti 57°C nínú ìlànà Amẹ́ríkà, tó sì gbà kí àwọn oúnjẹ kan wà láìsí ooru fún wákàtí mẹ́rin kí a tó dà wọ́n nù. Ìwé tí ìdánwò náà bá tọ́ka sí ni a ó tẹ̀ lé. Ìbéèrè tó dára kì í fi 58 tàbí 61 dẹ pàkúté fún ènìyàn. Ó máa ń gbé oúnjẹ síbi tí gbogbo ìwé ti fohùn ṣọ̀kan, bí 41°C lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀.

Irú ewu kejì ni ti oúnjẹ tó fara kan ohun tí kò yẹ. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà níbẹ̀ ní ìrísí mìíràn: ó sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí a ṣe dé ìdajì. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wàgàsì. Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń fi ewé bọmubọmu mú kí wàrà dì, wọ́n á sè é, àwọn mìíràn á sì fi ewé ọkà bàbà pa á láró kí ó pupa. Nínú máàkí, wọ́n á dín in, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sórí ìrẹsì, kò sì ní padà síná mọ́. Kí a sọ pé alásè gé adìyẹ tí kò tíì jinná lórí pátákó igi kan. Wàgàsì ti dín tán, èrò ti jókòó, pátákó kan ṣoṣo ló sì wà nítòsí. Ìdáhùn A ní kí ó fi aṣọ tó so mọ́ ìdí nu pátákó àti ọ̀bẹ dáadáa. B ní kí ó da omi jáfẹ́ẹ̀lì sórí pátákó lójú ẹsẹ̀, kí ó sì máa gé wàgàsì lọ. D ní kí ó yí pátákó sí ẹ̀yìn. E ní kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ pátákó, ọ̀bẹ àti ọwọ́ rẹ̀, kí ó ṣan wọ́n, kí ó fi omi jáfẹ́ẹ̀lì pa kòkòrò tó kù lórí pátákó àti ọ̀bẹ, kí ó tó gé wàgàsì.

Aṣọ tó so mọ́ ìdí ti nu ọwọ́, tábìlì àti etí ìkòkò láti àárọ̀, ó sì máa gbé kòkòrò adìyẹ káàkiri ju kí ó kó o kúrò lọ. D kò rántí pé omi adìyẹ ti ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ pátákó, ọ̀bẹ àti ọwọ́ sì ṣì wà bákan náà. B ló ń tan àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, nítorí pé jáfẹ́ẹ̀lì ń pa kòkòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran wẹ́wẹ́, orí wọn ni agbára rẹ̀ á ti tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi máa ń ṣáájú. B kò sì sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Nígbà tí a bá fi B wé E, a ó rí i pé apá kan E ni B ń ṣe, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Bí ìdáhùn méjì bá jọra tó báyìí, tí ọ̀kan sì gba èkejì mọ́ra, èyí tó kúrú sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n gé lára kí ó lè kùnà.

Ìtàn yìí náà ní ibi tí ó ti lè yí padà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé alásè ti gé wàgàsì náà tán lórí pátákó kí ó tó rántí, E kò tó mọ́. Fífọ pátákó dára fún oúnjẹ tó kàn, ṣùgbọ́n wàgàsì tó ti fara kan omi adìyẹ ṣì wà nínú àwo. A ó wá ìdáhùn tó bá fọwọ́ kan wàgàsì náà fúnra rẹ̀, yálà kí a dà á nù tàbí kí a dá a padà sínú òróró gbígbóná kí ó gbóná dé inú. Dídín lẹ́ẹ̀kejì wúlò níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún ìrẹsì ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi kan adìyẹ, kòkòrò kò sì tíì ráyè ṣe májèlé. Kòkòrò tó wà láàyè nìkan ló wà níbẹ̀, iná sì ń pa ìyẹn.

Irú ewu kẹta, ti ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, kò gùn. Bí ìtàn bá sọ pé obìnrin tó mọ iyán gún jù lọ ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti òwúrọ̀, gbogbo ìdáhùn tó bá ṣì fi í sínú ibi ìdáná ló jáde, yálà wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́, wọ́n ní kí ó fọ ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí wọ́n ní kí ó máa gbé àwo nìkan. Ilé ló ń lọ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbọ́dọ̀ padà títí wákàtí méjìdínláàádọ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà dúró. Ti egbò ìka ọwọ́ yàtọ̀. Bí a bá fi ohun tí omi kò lè wọ̀ dì í, tí ó sì wọ ìbọ̀wọ́ lé e, ó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lé e lọ sílé nínú ìdáhùn rẹ̀ ti ṣe ju ohun tí ìtàn béèrè lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti yọ méjì kúrò, a sábà máa ń bá méjì tó jọ pé òótọ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan nínú ìbéèrè ló máa ń pín wọn níyà, ọ̀rọ̀ náà sì ni "kọ́kọ́". Kí ni ó yẹ kí alásè kọ́kọ́ ṣe? Pípe ọ̀gá, kíkọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, kíkọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n bí alásè ti ń pe ọ̀gá, ẹlòmíràn ń bu oúnjẹ náà lọ́wọ́. Èyí tó bá dá oúnjẹ dúró kí ó má dé ẹnu ló ṣáájú. Bí ìbéèrè kò bá ní "kọ́kọ́", tó sì sọ pé "kí ni ohun tó máa dènà rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn", ìdáhùn á yí padà pátápátá, ìwé tó wà lára ògiri á sì ṣáájú. Ọ̀pọ̀ máàkì ni ènìyàn ti pàdánù nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ojú fò.

Ọgbọ́n yíyọ ìdáhùn kúrò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè ran ẹni tí kò mọ̀ pé májèlé ìrẹsì kì í kú sínú iná lọ́wọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, A á jókòó síbẹ̀ ní dídán títí ìdánwò yóò fi parí. Kò sì lè tún ìbéèrè tí wọn kò kọ dáadáa ṣe. Ìbéèrè tí kò sọ aago àti ooru, tó sì fẹ́ kí a dájọ́ lórí oúnjẹ tó wà nílẹ̀, kò ní ìdáhùn kan pàtó, ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gan-an. Láti ọdún 2017 ni ètò oúnjẹ ilé ìwé ti ìjọba ti ń lọ, tí Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé sì ti bá wọn ṣe, àwọn ìyá àdúgbò ló sì ń dáná fún àwọn ọmọ. Ìkòkò ńlá, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ebi ń pa lẹ́ẹ̀kan náà: ìtàn máàkí ẹ̀bá títì ni, àyàfi pé ọmọdé ló ń jẹun. Àwọn ìwé ìdánwò tó ń ti òkè òkun wá ń fi tòlótòlò, ẹja tútù àti wàrà inú páálí kọ́ ènìyàn. Obìnrin tó ń dáná ní Tchaourou kò ní fíríìjì tí ìwé náà ń sọ, kò sì ní rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà. Kí àwọn tó ń kọ ìbéèrè fún irú àwọn alásè bẹ́ẹ̀ fi iyán, àtàṣí àti wàgàsì sínú rẹ̀, kí wọ́n kọ aago tí ìkòkò kúrò lórí iná, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè náà ní èdè tí àwọn alásè náà fi ń dáná.